25% lórí owó tí a fi rà, 20% nínú owó tí a tà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàtà ni mò ń tà ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Ọmọ tó ń bá mi ṣe ṣíìtì iye ọjà kọ ọ́ síbẹ̀ pé èrè orí bàtà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 25%. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi èrè oṣù tó kọjá wé gbogbo owó tí mo tà, 20% ni mo bá. Mo fẹ́ ṣe ẹ̀dínwó 20% fún ọdún Iléyá. Ó ní 5% á ṣì kù fún mi. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, mà. Kọ́bọ̀ kan ò ní kù fún yín, torí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lẹ iye tuntun mọ́ bàtà kankan. Ọmọ yẹn ò purọ́ lórí 25%, ẹ̀yin náà ò sì ṣì í kà. Èrè kan náà lẹ jọ ń wò, ohun tí ẹ gbé e lé ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú bàtà kan tó ná yín ní 8,000 naira, tí ẹ ń tà ní 10,000. Èrè ibẹ̀ jẹ́ 2,000. Bí a bá gbé 2,000 yìí lé 8,000 tí ẹ fi rà á, 25% ni. Àlékún nìyẹn, òun ni ṣíìtì ń pè ní `Markup`. Bí a bá gbé 2,000 kan náà lé 10,000 tí oníbàárà san, 20% ni. Ìpín èrè nìyẹn, `Margin`: nínú gbogbo 100 naira tó wọlé, 20 ni tiyín, 80 á padà lọ ra ọjà. Orí owó tí oníbàárà ń san ni ẹ̀dínwó ti ń jáde. 20% nínú 10,000 jẹ́ 2,000, èrè yín látòkè délẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ọmọ yẹn ṣe ni pé ó yọ 20 tó wà lórí 10,000 kúrò nínú 25 tó wà lórí 8,000, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Láti mọ èyí tí ṣíìtì ń lò, ẹ tẹ ojú àpótí ibi tí iye títà wà, kí ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní owó tí ẹ fi rà á wà ní B2:

```
=B2*1.25
=B2/(1-0.25)
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ owó tí ẹ fi rà á di púpọ̀, àlékún ni: 10,000. Ìkejì ń pín in, ìpín èrè ni: 10,666.67. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà lásán ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ẹ ṣí òpó tuntun kan, kí ẹ fi `=(C2-B2)/C2` yẹ̀ ẹ́ wò, C2 ni iye títà. Bó bá gbé 20% jáde, àlékún ni 25% tí wọ́n kọ; bó bá gbé 25% jáde, ìpín èrè ni. Bí ẹ bá rí i níbì kan nínú ṣíìtì pé èrè tí wọ́n kọ ju 100% lọ, àlékún ni, nítorí èrè ò lè pọ̀ ju owó tí oníbàárà san lọ.

Ẹni tó ń ta ohun tí èrè rẹ̀ kéré lè má tètè kíyè sí i, torí pé àlékún 5% jẹ́ ìpín èrè bíi 4.8%. Ṣùgbọ́n lórí bàtà, àlékún 50% ò ju ìpín èrè 33.3% lọ, àlékún 100% sì jẹ́ 50% péré. Bí àlékún orí ọjà ṣe ń ga sí i ni méjèèjì ń jìnnà síra.

Mo tún fẹ́ kí ẹ wo B2 fúnra rẹ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ pé 7,400 lẹ san fún bàtà yẹn ní Balógun, tí owó ọkọ̀ àti alábàárù sì jẹ́ 600 lórí ẹyọ kan, 8,000 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 7,400, àlékún 25% á gbé iye títà sí 9,250. Ojú ṣíìtì á ní ìpín èrè yín jẹ́ 20%, nígbà tó jẹ́ 13.5% ló kù lọ́wọ́ yín ní tòótọ́. Ibí yìí ni mo ti rí i tí owó ń jò jù lọ.

Ní ti Iléyá, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ká ní ẹ fẹ́ kí ìpín èrè 10% ṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹ̀dínwó. Ẹ pín 8,000 sí 0.9, ó di 8,889: iye tí oníbàárà máa san nìyẹn. Bí ẹ bá ń tà á ní 10,000 tẹ́lẹ̀, ẹ̀dínwó tí bàtà yìí lè gbà ò ju 11% lọ. Èmi á kọ 10% sí ojú ìsọ̀, kí n ta á ní 9,000, kí 1,000 ṣẹ́ kù sọ́wọ́ lórí ẹsẹ̀ méjì kọ̀ọ̀kan.