Òrùka há sí mi níka, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gé e

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú mi, Ṣómólú la sì ń gbé. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí òrùka ìgbéyàwó mi ti há, ìka wú, òrùka kò lọ, kò bọ̀. Mo fi òróró ẹ̀pà sí i, mo fà á títí ara mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo ní kí n lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù kó bá mi gé e, ọkọ mi fajú ro, ìyá rẹ̀ ní a kì í gé òrùka ìgbéyàwó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?*
*Ìyàwó Ṣómólú*

Ìyàwó wa, kí o tó ka ìyókù, fi ìka kan tẹ èékánná ìka tó wú yẹn títí yóò fi funfun, kí o wá fi í sílẹ̀. Ka ení, èjì. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti padà kí o tó ka èjì tán, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ibẹ̀, a ráyè ṣe sùúrù. Bí ó bá pẹ́ kó tó padà, tàbí tí ìka náà tutù ju àwọn yòókù lọ, tó ń dúdú, tàbí tó funfun bí ẹfun, tàbí tí o fọwọ́ kàn án tí kò mọ̀ ọ́n lára, gbé fóònù sílẹ̀, kí o gba ilé ìwòsàn lọ nísinsìnyí, kí wọ́n gé òrùka náà. Góòlù tí a gé ṣe é jó pọ̀. Ìka tó kú kò ṣe é jó pọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí kò kan òrùka rárá. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aboyún máa ń wú bí oṣù bá ti ń pé, kì í ṣe tuntun. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé òjijì ni ọwọ́ rẹ wú, tí ojú náà ń wú, tí orí ń fọ́ ọ tí kò lọ, tí ojú rẹ ń ṣú tàbí tí o ń rí bí ìtàpá iná, tàbí tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn ọ́, lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ lónìí yìí. Bí ó bá dé 140/90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, má padà sílé kí dókítà tó rí ọ. Òrùka lè dúró dè ọ́, ìyẹn kò lè dúró.

Tó bá jẹ́ wíwú lásán ni, ó yá, jẹ́ ká lọ sídìí òrùka. Òwú tí a ó kó mọ́ ìka la ó fi yọ ọ́.

Òróró ẹ̀pà tí o fi sí i kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìyọ̀ ló dá òrùka náà dúró. Wo ìka rẹ dáadáa. Ìdí ìka, níbi tí òrùka jókòó sí, tín-ín-rín ju oríkèé àárín lọ. Oríkèé yẹn ni ẹnu ọ̀nà. Bí o ṣe ń fa òrùka, awọ ara ń ṣùjọ síwájú rẹ̀ bí aṣọ tí a ń tì sínú àpò tó ti kún, bí o sì ṣe ń fi agbára fà tó ni ìṣùjọ náà ń ga tó. Fífà yẹn á tún mú kí ìka wú sí i. Iṣẹ́ tí òwú ń ṣe ni pé ó ń fún omi tó kóra jọ sínú ẹran ìka kúrò lójú ọ̀nà, ó sì ń tẹ awọ mọ́ra kó má lè ṣù. Ìka á tín fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn náà la ó fi ṣiṣẹ́.

Òwú wo? Má lo òwú ìránṣọ tó tín bí irun, á gé ọ lára. Wá òwú dúdú tó ń dán tí àwọn onídìrí fi ń kó irun, mítà kan ti tó. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gba àárín eyín náà dára. Ọwọ́ kan kò lè di òwú mọ́ ìka ọwọ́ kejì kó le, nítorí náà ọkọ rẹ ni kó ṣe é. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣe é nígbà tí ara rẹ bá tutù, kì í ṣe nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ààrò tàbí tí o fọ aṣọ tán. Jókòó, gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orí ìrọ̀rí méjì mẹ́ta kí ọwọ́ ga ju àyà rẹ lọ. Fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé píọ́wọ́tà tó ti dì, kí o gbé e ti ìka náà fún ìṣẹ́jú 10. Bí wọn kò bá mú iná wá, obìnrin tó ń ta píọ́wọ́tà ní àdúgbò yín yóò ní èyí tó dì. Má gbé yìnyín lé awọ ara lásán. Lẹ́yìn náà fi ọṣẹ fọ gbogbo òróró àtẹ̀yìnwá kúrò, kí o nu ìka gbẹ. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń ṣì: wọ́n á ti fi òróró kun ìka kí wọ́n tó kó òwú, òwú á wá máa yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, wọ́n á ní ọgbọ́n náà kò ṣiṣẹ́. Ìka gbígbẹ la ń kó òwú lé, ohun tó ń yọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kí ọkọ rẹ fi orí òwú kan gba abẹ́ òrùka, láti ìhà ṣónṣó ìka lọ sí ìhà ọrùn ọwọ́. Bí kò bá wọlé, kó so ó mọ́ pínnì irun tí a tẹ̀, kí pínnì fà á gbabẹ̀ kọjá. Kó má fi ẹnu abẹ́rẹ́ gún abẹ́ òrùka. Kí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan wà lára òwú ní ìhà ọrùn ọwọ́, ìyẹn la ó fi fà á nígbẹ̀yìn. Gbogbo òwú tó kù wà níhà ṣónṣó ìka. Òun ni kó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìka, láti etí òrùka gan-an, bí onídìrí ṣe ń kó irun: ìyípo kan fara kan èkejì, kò sí àlàfo, kó le dáadáa, kó máa lọ títí yóò fi gun oríkèé àárín kọjá. Má dúró sórí oríkèé. Bí àlàfo bá wà, ẹran ìka á yọ jáde láàárín ìyípo méjì, òrùka á kọ́ síbẹ̀. Ìka á yí àwọ̀ padà sí àlùkò, á sì dun ọ́. Ìyẹn kò yẹ kó já ọ láyà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 5 lọ kí òwú tó kúrò.

Ní báyìí, fi ọṣẹ olómi tàbí faselíìnì kùn orí òwú náà àti abẹ́ òrùka. Òrí náà ṣe é lò bí ó bá rọ̀. Tẹ ìka díẹ̀, má nà án gbọngbọn. Kó di orí òwú tó wà ní ìhà ọrùn ọwọ́ mú, kó yí i gun orí òrùka sí ìhà ṣónṣó ìka, kó sì máa fà á yípo ní ibi kan náà tó gbà kó òwú. Ìyípo tó súnmọ́ òrùka jù ni yóò kọ́kọ́ tú, òrùka á sún síwájú bí ìbú òwú kan. Òmíràn á tú, á tún sún. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa rìn, ẹ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kejì tì í. Lórí oríkèé ni yóò ti lọ́ra jù. Kó ní sùúrù níbẹ̀, bí ó bá ti kọjá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò já bọ́.

Mo ti ṣe é rí fún àbúrò ìyá mi kan ní Mushin, tó ń dín àkàrà. Òrùka rẹ̀ kò tí ì kúrò lọ́wọ́ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ìgbà àkọ́kọ́, mo dá òwú dúró lórí oríkèé nítorí ó ń ké pé ó dun òun. Òrùka gòkè, ó sì há sí orí òkè rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rù bà mí. Mo tú òwú láti ìhà ṣónṣó ìka, mo rọra ti òrùka padà sídìí, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ ga pẹ̀lú yìnyín fún ìṣẹ́jú 15, a sì jọ jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí ìka gba àwọ̀ rẹ̀ padà, mo tún kó o, mo kó o gba orí oríkèé kọjá, ìyípo mẹ́fà tàbí méje sí i. Ó jáde. Àmì tí òrùka fi sílẹ̀ sídìí ìka jinlẹ̀, ó rí funfun, awọ ibẹ̀ sì rọ̀ bí ìgbà tí a bọ ìka nínú omi tipẹ́. Ó padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ìgbìyànjú méjì tó. Bí ó bá kọ̀ nígbà kejì, ẹ má ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bákan náà, bí ara rẹ bá ti bó síta níbi tí o ti fà á, tàbí tí ó ní ọgbẹ́, tàbí tí ìka bá ṣẹ́, má fi òwú kàn án rárá. Lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ní irin pẹlẹbẹ tó ń wọ abẹ́ òrùka, kí ayùn má bàa kan ara rẹ. N kò gbà ọ́ nímọ̀ràn láti gbé ìka fún alágbẹ̀dẹ tó ń fi ayùn ọwọ́ gé nǹkan. Góòlù máa ń gbóná bí wọ́n bá ń gé e, abẹ́ rẹ̀ kì í sì í ní ààbò. Alágbẹ̀dẹ ni kó jó o pọ̀ lẹ́yìn tó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, ṣàlàyé fún wọn pé wíwú ọwọ́ lè pọ̀ sí i bí o bá ń súnmọ́ ìrọbí, àti pé bí ó bá di iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì yóò sọ pé kí o bọ́ ohun irin kúrò lára. Ó sàn kí o bọ́ ọ sílé jẹ́ẹ́jẹ́ ju kí wọ́n fi ìkánjú gé e níbẹ̀. Fi òrùka náà sí ẹ̀wọ̀n ọrùn, kí wọ́n máa rí i. Má dá a padà síka kí o tó bímọ, kí wíwú náà sì ti lọ. Bí ìka ṣì ń kú tipiri lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí òrùka ti jáde, kí dókítà wò ó.

Nípa ọkọ rẹ tó fajú ro, fún un ní òwú náà kó mú dání.