Fèrèsé ìsanwó tí Chrome dí lọ́nà

“Ẹ jọ̀ọ́, mo ti kọ fọ́ọ̀mù owó ilé-ìwé ọmọ mi tán lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ bí mo bá tẹ Pay, kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀. Chrome ni mò ń lò.”

Ẹ má tíì tún ojú ewé yẹn ṣí o, kí ohun tẹ́ ẹ ti kọ má bàa pòórá. Ẹ wo ìparí àpótí àdírẹ́sì lókè, lápá ọ̀tún. Àmì kékeré kan á wà níbẹ̀ tó ń sọ pé Pop-ups blocked, ìyẹn ni pé Chrome ti dí fèrèsé ìsanwó tó fẹ́ ṣí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ yan Always allow pop-ups and redirects, lẹ́yìn náà Done, kẹ́ ẹ wá tún Pay tẹ̀.

Orúkọ sáìtì ilé-ìwé lẹ máa rí níbẹ̀, kì í ṣe ti báńkì. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú: ojú ewé tó fẹ́ ṣí fèrèsé ni Chrome ń fún láyè. Ní ti àwọn sáìtì yòókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ní dídí, ìpolówó ni wọ́n máa fi yọ yín lẹ́nu.

Bí ẹ ò bá rí àmì kankan, ó lè jẹ́ irinṣẹ́ tó ń dí ìpolówó tẹ́ ẹ fi sínú Chrome ló fà á. Ẹ pa á lórí sáìtì yẹn nìkan.