Ìpàdé ọmọ kíláàsì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: gáwùn ni àbí ìró àti bùbá?

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tí a jọ jáde ní sẹ́kọ́ńdírì fẹ́ ṣe ìpàdé ní Sùúrùlérè, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti ra ànkárá yáàdì mẹ́fà ní Balógun. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n rán gáwùn tó fún mọ́ra, tó ní kọ́sẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ mo ti sanra sí i, àyà mi sì ń já pé ikùn mi ni wọ́n máa máa wò. Àyà mi jẹ́ ínǹṣì 44, ìdí mi 48. Kí ni kí n rán?*

Ìró àti bùbá ni kí ẹ rán, mà. Kì í ṣe pé gáwùn ò yẹ ara yín o. Ànkárá ni kì í nà. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn ìdí yín ní ìdúró, lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó sórí àga kí ẹ tún un wọ̀n. Ìdí tó jẹ́ 48 ní ìdúró lè di 51 téèyàn bá jókòó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ínǹṣì méjì péré ni télọ̀ sábà máa ń fi kún gáwùn tó fún mọ́ra, ìyẹn 50. Ẹ óò dúró níwájú dígí, ẹ óò rí i pé ó wọ̀ yín bó ṣe yẹ. Ẹ jókòó báyìí, ojú ìrán á bẹ̀rẹ̀ sí í là nísàlẹ̀ síìpù. Ti kọ́sẹ́ẹ̀tì tún le jù: ó fẹ́ kí ẹ wá dánwò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, irin inú rẹ̀ á sì máa tì yín níkùn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun. Ẹni tí ara ń ni ò lè jókòó ti ọ̀rẹ́ àtijọ́ kó rẹ́rìn-ín dénú.

Yáàdì mẹ́fà yín tó, á tún ṣẹ́kù. Ẹ kọ́kọ́ rẹ aṣọ náà sínú omi, ẹ sá a gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, torí pé òwú máa ń sún kì. Bùbá á gba nǹkan bíi yáàdì méjì. Ínǹṣì mẹ́jọ ni kí wọ́n fi kún àyà yín, kó di 52, ìyẹn 26 níwájú, 26 lẹ́yìn. Gígùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 28 lọ. Èyí tó bá gùn dé itan máa ń jẹ́ kí gbogbo ara rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí apá rẹ̀ kọjá ìgúnpá díẹ̀.

Ọrùn ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Bí ọrùn bá fẹ̀ jù, bùbá á máa yọ́ kúrò léjìká, ẹ óò sì máa fọwọ́ fà á sókè ní gbogbo ìgbà; ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ojú èèyàn máa wá síbi ara yín. Ẹ ní kí télọ̀ kọ́kọ́ gé e ní ínǹṣì méje ní fífẹ̀, márùn-ún ní jíjìn níwájú, ẹyọ kan lẹ́yìn. Ọrùn tó kéré ṣeé fẹ̀ sí i, èyí tó ti fẹ̀ jù ò ṣeé dá padà. Kí wọ́n sì fi ínǹṣì kan sílẹ̀ sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó bá fún, ẹ lè tú u.

Ìró gba yáàdì méjì àti ìdá mẹ́rin, ìyẹn ínǹṣì 81. Tí ẹ bá jókòó pẹ̀lú ìdí 51, ọgbọ̀n ínǹṣì ṣì wà tó gùn léra, itan ò ní hàn. Fífẹ̀ aṣọ, tó jẹ́ nǹkan bíi 45, ni yóò di gígùn ìró. Nítorí náà, ẹ wo àwòrán ara ànkárá yín kí wọ́n tó gé e: tó bá jẹ́ ẹyẹ tó kọjú sókè, á dùbúlẹ̀ lára ìró, á sì dorí kodò lẹ́yìn bùbá tí wọn ò bá gé èjìká kí wọ́n sì rán an pọ̀. Tó bá jẹ́ òdòdó tó tú káàkiri, kò sí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rán okùn mọ́ igun inú ìró, kí ẹ lè so ó mọ́ ìbàdí, kó má baà tú bí ẹ bá ń jó. Yáàdì méjì dín díẹ̀ tó ṣẹ́kù tó gèlè.

Ẹ gbé e fún télọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ dánwò ní ọ̀sẹ̀ kejì, láàárín ọ̀sẹ̀ ni o, kì í ṣe Jímọ̀ tí gbogbo aláṣọ òwàmbẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wọ bàtà àti bírà tí ẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jókòó, ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni ń wé gèlè. Tí ibì kan bá fà, ibẹ̀ ni kí wọ́n tú.