Òṣùpá Li Bai àti odò yìnyín Liu Zongyuan: báwo la ṣe ń fi wọ́n wéra?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fún ọmọ mi níṣẹ́ àṣetiléwá pé kó kọ ìpínrọ̀ kan ṣoṣo láti fi wé bí akéwì méjì ṣe fi ìṣẹ̀dá sọ̀rọ̀ ìdánìkanwà. Ewì Li Bai tó ń bá òṣùpá mutí àti ti Liu Zongyuan nípa apẹja inú yìnyín ni wọ́n yàn fún un. Kí ni òṣùpá àti apẹja dúró fún lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìpínrọ̀ kan tó lè fi ṣe àwòkọ́ṣe."

Ohun tó ya ewì méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé ọ̀kan ń wá ẹni kún ẹni, èkejì ń yọ ohun gbogbo kúrò. Li Bai nìkan ló jókòó, ló bá ké sí òṣùpá àti òjìji ara rẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun ṣeré. Liu Zongyuan ní tirẹ̀ kó ẹyẹ kúrò lójú ọ̀run, ó pa ipasẹ̀ èèyàn rẹ́ lójú ọ̀nà, títí ó fi ku ọkùnrin kan ṣoṣo lójú omi. Bí ọmọ yín bá ti di èyí mú, iṣẹ́ tó kù kò pọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Li Bai. Ọdún 701 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 762, lásìkò ìjọba àwọn ọba Tang. Ní 742, ọba ránṣẹ́ pè é wá sí Chang'an, tó jẹ́ olú ìlú nígbà náà, kó máa kéwì láàfin. Kò pé ọdún mẹ́ta níbẹ̀ tó fi kó ẹrù rẹ̀. Ìlà mẹ́rìnlá ni ewì rẹ̀ yìí ní. Àárín òdòdó ló ti bẹ̀rẹ̀: ọtí wà nílẹ̀, ọ̀rẹ́ kankan kò sí nítòsí. Ó gbé ife sókè, ó fi pe òṣùpá, òjìji rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ni wọ́n bá di mẹ́ta. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ó fúnra rẹ̀ tú àṣírí àlejò tó pè: òṣùpá kò mọ ọtí í mu, òjìji kò sì mọ̀ ju kó máa tẹ̀ lé e kiri lọ. Síbẹ̀ ó ní òun á bá wọn ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbà ìrúwé kì í dúró deni. Bó bá kọrin, òṣùpá á máa rìn gbéregbère. Bó bá jó, òjìji á máa fọ́n ká. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá, wọ́n jọ ń ṣàríyá. Nígbà tó mutí yó tán, oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó wá dá àdéhùn pé àwọn á tún pàdé lókè réré, níbi tí ìràwọ̀ ti ṣàn bí odò.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń kọ ọ́ pé Li Bai rí ọ̀rẹ́ méjì, wọ́n á sì fi í síbẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín wò ó dáadáa: ta ló dá òjìji yẹn? Òṣùpá ni. Bí àwọsánmà bá bo òṣùpá, àlejò méjèèjì ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó sì dà bí ẹni kẹta, ara Li Bai fúnra rẹ̀ ni, tí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ sílẹ̀. Ibi tí mo rò pé ọgbọ́n ewì náà wà gan-an nìyẹn. Ó ń ka èèyàn títí ó fi dé orí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni kò kúrò lórí ọ̀kan. Ayọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òun náà mọ ohun tó gbé e ró.

Ní ti ohun tí òṣùpá dúró fún, àwọn ará Ṣáínà ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wò ó bí ohun tó so àwọn tó jìnnà síra pọ̀. Ẹni tó wà nídàálẹ̀ á gbójú sókè, á ní òṣùpá tí mò ń wò yìí náà ni àwọn ará ilé mi ń wò. Títí dòní, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ nínú kàlẹ́ńdà wọn, ìdílé a máa péjọ láti wo òṣùpá tó mọ́ roro. Èyí kò ṣàjèjì sí àwa tí wọ́n pa àlọ́ fún nígbà òṣùpá: àkókò ìpéjọ ni fún àwa náà. Nítorí náà, ẹni tó dá jókòó sábẹ́ òṣùpá, ibi tó yẹ kí àwọn èèyàn ti yí i ká ló ti dá wà. Òǹkàwé Ṣáínà kò nílò kí akéwì sọ ìyẹn fún òun.

Ti Liu Zongyuan le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kúrú gan-an: ìlà mẹ́rin, ọ̀rọ̀ márùn-ún-márùn-ún, ogún ọ̀rọ̀ péré. Ọdún 773 ni wọ́n bí i. Ní 805, ó wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ọba tó fẹ́ tún ètò ìjọba ṣe. Ètò náà forí ṣánpọ́n láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n bá fi oyè kékeré kan lé e lọ sí Yongzhou, ní ìhà gúúsù níbi tí wọ́n ń pè ní Hunan lónìí. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló lò níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó bá a lọ kú sí ibẹ̀ ní 806. Àkókò yìí ni wọ́n sábà máa ń ka ewì náà mọ́.

Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ìlà kìíní: ẹgbẹ̀rún òkè, ẹyẹ kankan kò fò mọ́. Ìlà kejì: ẹgbàárùn-ún ọ̀nà, ipasẹ̀ èèyàn ti parẹ́. Ìlà kẹta: ọkọ̀ kan ṣoṣo, bàbá arúgbó kan nínú ẹ̀wù koríko àti àkẹtẹ̀. Ìlà kẹrin: òun nìkan ló ń dẹ ìwọ̀ nínú odò tútù, yìnyín. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ewì náà ní èdè Ṣáínà ni yìnyín. Láti ìlà kìíní ni a ti rí i pé ẹyẹ lọ, èèyàn lọ, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tó lé wọn títí ewì fi parí. Àìsí ni akéwì kọ́kọ́ fi hàn wá, ẹ̀yìn rẹ̀ ló tó sọ ìdí. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye ń já wálẹ̀: òkè àti ọ̀nà tí kò lóǹkà ló fi bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kan àti èèyàn kan ló bá parí.

Apẹja yìí kì í ṣe ẹni tí ebi lé wá sódò. Nínú ìtàn àtijọ́ wọn, ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní Jiang Taigong jókòó lẹ́bàá odò Wei, ó ń dẹ ìwọ̀, títí Ọba Wen fi rí i tó sì sọ ọ́ di olùdámọ̀ràn. Láti ìgbà náà, apẹja di àwòrán ọlọ́gbọ́n tí kò sí nídìí oyè, yálà ó fúnra rẹ̀ yẹra ni o, yálà wọ́n lé e ni o. Fún Liu tí wọ́n lé kúrò nídìí iṣẹ́ ọba, àwòrán yìí bá a mu wẹ́kú. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n péré ni nígbà tí wọ́n lé e, síbẹ̀ arúgbó ló fi sínú ọkọ̀.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yín. Li Bai ń sọ "mo": mo kọrin, mo jó. Nínú ewì Liu, "mo" kò sí rárá. Ọ̀ọ́kán ni a ti ń wo bàbá náà, bí ẹni dúró sórí òkè, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Àwòkọ́ṣe tí ẹ béèrè nìyí:

"Li Bai àti Liu Zongyuan jọ fi ìṣẹ̀dá sọ̀rọ̀ ìdánìkanwà, ṣùgbọ́n Li Bai pe ìṣẹ̀dá wá bá ara rẹ̀, nígbà tí Liu sọ ìṣẹ̀dá di òfìfo. Li Bai gbé ife sí òṣùpá, ó ka òjìji rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní àwọn ti di mẹ́ta. Àmọ́ òṣùpá kò lè mutí, òun náà ló sì dá òjìji, tí ó fi jẹ́ pé iye tó ń pọ̀ sí i yìí kò fi ẹnì kankan kún un. Ọ̀nà òdì kejì ni Liu gbà: láti orí ẹgbẹ̀rún òkè tí kò ní ẹyẹ àti ẹgbàárùn-ún ọ̀nà tí kò ní ipasẹ̀, ó sọ iye kalẹ̀ dé orí ọkọ̀ kan àti apẹja kan, ó sì fi yìnyín tó fa gbogbo rẹ̀ pa mọ́ di ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ohùn wọn náà yàtọ̀, nítorí Li Bai ń sọ 'mo', ó ń kọrin, ó ń jó, nígbà tí apẹja Liu kò wí nǹkan kan, tí kò sì sí ẹni tó ń pè. Nípa bẹ́ẹ̀, ìdánìkanwà Li Bai jẹ́ ti ẹni tó ṣì ń retí ẹnìkejì, àní bó tilẹ̀ di òkè ọ̀run. Ti Liu jẹ́ ti ẹni tó ti dẹ́kun ìpè, ṣùgbọ́n tí kò fi ìwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀."

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ròyìn ewì kan tán, kó ròyìn èkejì, kó wá fi "wọ́n yàtọ̀ síra" kásẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ ń wá ọ̀nà láti dá a mọ̀? Ẹ fi ọwọ́ bo gbogbo ibi tí ó ti dárúkọ Liu. Bí ohun tó kọ nípa Li Bai bá ṣì dúró láìmì, kò tíì fi wọ́n wéra. Nínú àwòkọ́ṣe òkè yẹn, bí ẹ bá yọ "ọ̀nà òdì kejì" àti "ohùn wọn náà yàtọ̀", ìpínrọ̀ náà á já. Ìtàn ìgbésí ayé náà a máa tan ọmọ jẹ. Mo sọ ti Yongzhou fún yín kí ẹ lè mọ ẹni tó kọ ewì, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé mi ò fi sínú ìpínrọ̀, nítorí bí wọ́n ṣe lo ìṣẹ̀dá ni ìbéèrè. Tí ààyè bá wà, gbólóhùn kan tó.

Ní ti bóyá inú bàbá apẹja bàjẹ́, olùkọ́ rẹ̀ lè ní ó bàjẹ́, ẹlòmíì á ní ìgboyà ló fi jókòó sínú òtútù yẹn. Ewì náà gba méjèèjì, nítorí Liu kò sọ bó ṣe rí lára bàbá náà. Èyí tó wù kí ọmọ yín yàn, kó tọ́ka sí ìlà tó gbé e ró, kó sì fi ẹ̀dà tí ilé ìwé fún un ṣe é.