Róbọ́ọ̀tì tí kò yé mì: ẹ wọn àkókò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan Kp

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́. Róbọ́ọ̀tì onítáyà méjì mi ń dúró díẹ̀, àmọ́ ó ń mì síwá sẹ́yìn títí á fi ṣubú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń yí Kp, Ki àti Kd, nọ́ńbà mẹ́ta tó ń sọ bí mọ́tò á ṣe tì í tó bó bá yẹ̀. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn sílẹ̀ ná. Oṣù kan gbáko ni mo fi yí tèmi, ibòmíì sì ni àrùn wà. Mo kọ ọ́ sínú kóòdù pé kó máa ka MPU6050, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn igun, ní mílísẹ́kọ́ńdì 5 síra, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Ọjọ́ tí mo fi `micros()` wọ̀n ọ́n, mílísẹ́kọ́ńdì 21 ni mo bá. `Serial.print` tí mo fi ń wo igun lójú kọ̀ǹpútà ló fà á. Ní ìyára 9600 tí mo fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kan ń gbà tó mílísẹ́kọ́ńdì 1 kó tó jáde, bẹ́ẹ̀ ogún lẹ́tà ni mo ń kọ lẹ́ẹ̀kan. Kí àṣẹ tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò, róbọ́ọ̀tì ti kúrò níbi tí àṣẹ náà bá a wí, mọ́tò á sì tì í kọjá àárín. Kò sí Kp tó lè wo ìyẹn sàn. Mo yọ ìlà náà kúrò, ìdajì ìmìjìgìjìgì yẹn sì lọ lọ́jọ́ náà.

Èkejì ni Kd. Ẹ má ṣe yọ igun tí ẹ kà ṣáájú kúrò nínú èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, kí ẹ wá fi àkókò pín in, torí ariwo sẹ́ńsọ̀ ni ẹ ó máa sọ di ńlá. Jáírò inú MPU6050 ti ń sọ bí igun ṣe ń yára yí, ẹ lò ó bó ṣe wà. `aarin` ni igun tí róbọ́ọ̀tì ti ń dúró láìṣubú, `apapo` ni àpapọ̀ ìyàtọ̀ igun sí `aarin`, `u` sì ni àṣẹ tó ń lọ sí mọ́tò:

```
u = Kp*(igun - aarin) + Ki*apapo + Kd*jairo;
```

Tí ẹ bá fi Kd kún díẹ̀ tí ìmì náà sì le sí i, àmì jáírò ló dojú rú. Ẹ yí i padà.

Ẹ wá fi Ki àti Kd sí 0, kí ẹ máa gbé Kp sókè títí á fi máa mì lọ́gbọọgba. Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ ní 24, mo wá dá a padà sí 16. Mo fi 0.2 kún Kd lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: ní 0.8, bí mo bá tì í, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń mì kó tó dúró, ní 1.4, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀fọn. Mo fi í sílẹ̀ ní 0.8. Nọ́ńbà tiyín lè yàtọ̀, torí mọ́tò àti bátìrì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Tó bá ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má tíì sá lọ bá Ki. `aarin` ni kí ẹ wò. Tèmi kì í ṣe 0 rárá, -1.8 dígírì ni, torí bátìrì wúwo sí ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo fi Ki díẹ̀ sí i, mo sì fi òdiwọ̀n sí `apapo` kó má baà máa ga lọ nígbà tí mo bá gbé róbọ́ọ̀tì sọ́wọ́.

Tó bá ṣì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ẹ pa iná rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ yí táyà. Bó bá ń yẹ̀ kí jíà tó mú un, jíà ló ti yọ̀. Mọ́tò ni ẹ ó pààrọ̀.