Molálítì ásíìdì líle: ìwúwo omi ni kí o kọ́kọ́ wá

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Sọ́fúríìkì ásíìdì ni wọ́n fún wa, ìdá 98 nínú 100 nípa ìwúwo, dẹ́ńsítì rẹ̀ jẹ́ 1.84. Molárítì tí mo rí jẹ́ 18.4, ó bá ti ìwé mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi kílò 1.84 tí lítà kan rẹ̀ wúwo tó pín in kí n lè rí molálítì, 10 ló jáde. Ìwé ní 500 ni. Ṣé ìwé ló ṣì í ni?"

Àbúrò, ìwé ò ṣì í. Kílò 1.84 tí o fi pín in yẹn, ásíìdì àtomi ló wà níbẹ̀ pa pọ̀. Omi nìkan ni molálítì ń béèrè: mòólù ásíìdì mélòó ló wà fún kílò omi kan? Omi inú ásíìdì tó le tó báyìí ò sì tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí iye náà fi ga tó bẹ́ẹ̀.

Gbé lítà tì ná, mú 100 gíráàmù. 98 níbẹ̀ jẹ́ ásíìdì, 2 jẹ́ omi. Mòólù H₂SO₄ kan wúwo tó 98.08 gíráàmù, nítorí náà 0.9992 mòólù lo ní. Fi kílò omi 0.002 pín in, 499.6 ló máa jáde, ìwé kàn sọ ọ́ di 500. Omi gíráàmù 2 náà jẹ́ 0.111 mòólù, àpapọ̀ gbogbo mòólù sì jẹ́ 1.110. Fi ìyẹn pín 0.9992, ìdá mòólù ásíìdì rẹ jẹ́ 0.900. Ó ti parí, a ò sì fọwọ́ kan dẹ́ńsítì rárá.

Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn ọmọ tó ń wá ṣiṣẹ́ ní láàbù wa ní Yábàá nìyí: nínú ìdá ìwúwo, molárítì, molálítì àti ìdá mòólù, molárítì nìkan ló ń wo lítà. Àwọn mẹ́ta yòókù, ìwúwo ni wọ́n ń wò, tàbí mòólù. Ìgbà tó o bá ń lọ sí molárítì tàbí tó o bá ń ti ibẹ̀ bọ̀ nìkan ni dẹ́ńsítì ń wúlò.

Ibi tó o bá ti ń ti ibẹ̀ bọ̀ ló léwu jù. Ká ní 18.4 nìkan ni wọ́n fún ọ, pẹ̀lú dẹ́ńsítì. Lítà kan wúwo tó 1840 gíráàmù. 18.4 lọ́nà 98.08 fún ọ ní 1804.7 gíráàmù ásíìdì, omi tó ṣẹ́ kù jẹ́ 35.3. Molálítì wá di 521. Ásíìdì kan náà ni o! 18.385 ni molárítì yẹn gan-an kó tó di pé wọ́n sún un sókè di 18.4 kí iye náà lè kúrú. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n fi kún un yẹn, inú omi ló lọ jáde, torí pé omi ni nǹkan kékeré tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó o yọ nǹkan ńlá kúrò nínú nǹkan ńlá. Má gé iye kankan kúrú títí wàá fi dé ìlà tó kẹ́yìn.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò. Sọ́fúríìkì ásíìdì líle máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, afẹ́fẹ́ Èkó sì kún fún ọ̀rinrin. Tí ìdérí ò bá dè dáadáa, tí 98 wá di 97, molárítì á kàn wálẹ̀ láti 18.4 sí 18.2, ṣùgbọ́n molálítì á já láti 500 sí 330. A ti ra ìgò ní Ọjọ́ta rí tí 98 wà lára rẹ̀ gàdàgbà, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ò sì tó bẹ́ẹ̀.

Dẹ́ńsítì ò sì ní tú àṣírí rẹ̀ fún ọ. Háídrómítà tí àwọn tó ń ṣe bátìrì mọ́tò ń lò ṣiṣẹ́ dáadáa fún tiwọn, torí pé ásíìdì bátìrì tó kún dáadáa wà ní nǹkan bí 1.28, ó sì ń lọ sókè sódò bí agbára rẹ̀ bá ṣe ń yí. Ṣùgbọ́n láti 95 dé 100, dẹ́ńsítì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Ó ga jù ní àyíká 98, lẹ́yìn náà ló tún wálẹ̀ díẹ̀.

Bùrẹ́ẹ̀tì ni kó o gbé. Wọn 0.500 gíráàmù ásíìdì sínú omi tútù (inú omi ni ásíìdì ń lọ, má da omi lé e lórí), kó o wá fi NaOH 0.500 M tí agbára rẹ̀ dá ọ lójú dán an wò. Tí 98 bá pé, mílílítà 19.98 ló máa gbà. Tó bá ti di 97, 19.78 ni. Ìyàtọ̀ 0.2 yẹn, bùrẹ́ẹ̀tì tó mọ́ á fi hàn ọ́, bí òṣùwọ̀n tó o fi wọn ásíìdì náà bá ń ka ìdá ẹgbẹ̀rún gíráàmù, ó kéré tán.