Ìpara àmì dúdú ojú nígbà oyún, àti lẹ́yìn tí ọmọ bá dé

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Dókítà fún mi ní ìpara kan lọ́dún tó kọjá nítorí àmì dúdú tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Haidirokuinóónì àti tirẹtinóìnì ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 8, alaalẹ́ ni mo sì ń fi í pa ojú. Ṣé mi ò ti ṣe ọmọ mi léṣe báyìí? Kí ni mo lè máa lò dípò rẹ̀, títí di ìgbà tí màá máa fún ọmọ lọ́mú?”

Àbúrò mi, fi ìpara yẹn sílẹ̀ lálẹ́ òní, kí o sì sùn. Ohun tó bá ọ yìí bá èmi náà nígbà oyún mi àkọ́kọ́. Ohun mẹ́ta ló wà nínú tèmi: haidirokuinóónì, tirẹtinóìnì àti sítẹ́rọ́ìdì. Oyún ti pé ọ̀sẹ̀ 7 kí n tó mọ̀. Mo ti kà á níbì kan pé oògùn tó jẹ́ ẹbí tirẹtinóìnì máa ń ba ọmọ jẹ́ nínú, mo sì sunkún di àfẹ̀mọ́jú.

Dókítà awọ ara tí mo lọ bá ló là mí lójú. Oògùn tí mo kà nípa rẹ̀ ni aisotirẹtinóìnì, èyí tí wọ́n ń gbé mì nítorí irorẹ́ líle. Ìyẹn máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá ọmọ, ó sì lè ba ojú, ọkàn àti ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbà kí obìnrin tó ń lò ó lóyún, títí oṣù kan gbáko yóò fi kọjá lẹ́yìn tó bá ti dá a dúró. Ti ìpara kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú 100 ìpín tirẹtinóìnì tí o bá fi pa ojú, bí 1 tàbí 2 ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti tọpa àwọn obìnrin tó lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún láìmọ̀, wọn ò sì rí i pé àbùkù ọmọ wọn pọ̀ ju ti àwọn tí kò lò ó. Síbẹ̀, àwọn ìròyìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wà tó mú kí àwọn dókítà máa sọ pé kí aboyún yẹra fún un, torí àmì ojú lè dúró, ọmọ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, sọ fún agbẹ̀bí rẹ nígbà tí o bá lọ forúkọ sílẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ, kí o sì máa lọ fún àyẹ̀wò bó ṣe yẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ oyún ṣíṣẹ́ fún ọ nítorí ìpara, má dá a lóhùn. Bó bá jẹ́ pé hóró oògùn lo ń gbé mì ni, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀, ojú ẹsẹ̀ ni kí o lọ rí dókítà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé tirẹtinóìnì ni mò ń sá fún, haidirokuinóónì ló sì ń wọlé jù. Nínú 100 ìpín rẹ̀ tí a bá fi pa ara, 35 sí 45 ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹ̀rí pé ó ṣe ọmọ kankan léṣe, àmọ́ kò sídìí tí aboyún á fi máa ti ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ nítorí àwọ̀ ojú. Nítorí náà, méjèèjì ni kí o dá dúró.

Kí o tó ra òmíràn, ka ara páálí rẹ̀. Ibi tí o bá ti rí orúkọ tí lẹ́tà r-e-t-i-n wà nínú rẹ̀, fi í sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìpara ìrọ̀lẹ́ lásán tí wọ́n ń pè ní ti àwọ̀ jíjọ̀lọ̀. Ẹbí wọn méjì kan wà tí lẹ́tà yẹn kò sí lára wọn, adapalíìnì àti tasarotíìnì, fi àwọn náà sílẹ̀. Tasarotíìnì yìí ni wọ́n kọ̀ fún aboyún pátápátá.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Nígbà tí mo dá ìpara dúró, àmì náà padà wá, ó sì dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí oyún fi máa pé ọ̀sẹ̀ 20, ó ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó sì ti dé orí ètè òkè. Họ́mọ́ònù oyún ló ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àwọ̀ ara, ìmọ́lẹ̀ á sì wá máa ta wọ́n jí sí i. Mo ra ìpara adènà oòrùn, mò ń fi í pa láràárọ̀, àmì náà ò sì dẹ̀yìn. Mo rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.

Kì í ṣe ayédèrú. Ìpara funfun tàbí èyí tí kò ní àwọ̀ máa ń dènà apá oòrùn tó ń jó ara. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí náà máa ń mú irú àmì yìí dúdú, pàápàá lára awọ tó dúdú, ìpara funfun kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá ìyẹn dúró. Ohun tó ń dá a dúró ni ìpara adènà oòrùn tó ní àwọ̀ bíi páúdà ojú, torí ọ́kísáìdì irin wà nínú rẹ̀. Tẹ díẹ̀ sórí bébà funfun: bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí tó rí bí awọ ara, ó ti ní i nínú, bó bá funfun, kò ní i. Kí èyí tí o bá máa rà jẹ́ èyí tí sínkì ọ́kísáìdì tàbí títáníọ́mù ọ́kísáìdì jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, torí ojú awọ ni àwọn yẹn ń dúró sí. Tẹ ẹ́ sórí ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín, láti ìdí dé orí wọn, ìyẹn ló tó ojú àti ọrùn. Bí o bá wà níta, tún un pa ní wákàtí méjì méjì. Bí o bá ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pa á nínú ilé náà, torí gíláàsì kì í dá ìmọ́lẹ̀ yẹn dúró.

Fún ti alẹ́, àsídì asẹlaíìkì ni dókítà fi rọ́pò ìpara mi. Ara ọkà ni ó ti máa ń wà fúnra rẹ̀, bí ìpín 4 nínú 100 ló sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá fi pa ara. Ó máa ń dá sẹ́ẹ̀lì àwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù lọ́wọ́ kọ́, ó sì tún ń pa kòkòrò irorẹ́. Èyí tí mo lò jẹ́ ìpín 15 nínú 100, dókítà ló kọ ọ́ fún mi. Ìpín 10 wà tí o lè rà fúnra rẹ, yóò kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó fi iṣẹ́ hàn.

Àṣìṣe mi ni pé mo fi pa ojú tó ṣì tutù lẹ́yìn ìwẹ̀, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ta bí ẹni fi ata pa á. Jẹ́ kí ojú gbẹ tó bí ìṣẹ́jú 15. Tẹ èyí tó tó hóró ẹ̀wà kan, pín in káàkiri, kí o wá fi ìpara ìrọ̀lẹ́ tí kò lóòórùn dídùn lé e. Ṣe é ní alẹ́ kan, fo alẹ́ kejì, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó di alaalẹ́. Kó máa rìn wínniwínni lójú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò burú, a máa lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bó bá pọ́n, tó ń bó, dá a dúró ní ọjọ́ mẹ́ta kí o tó padà sí i. Ṣùgbọ́n bí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń yún ọ, pàápàá lóru, tí o kò sì rí èélá kankan níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpara. Ẹ̀dọ̀ aboyún máa ń fi irú ìyún bẹ́ẹ̀ ké jáde, ó sì lè wu ọmọ léwu. Pe agbẹ̀bí rẹ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lójú fèrèsé kan náà, ní wákàtí kan náà, ni mo ti ń ya fọ́tò ojú mi ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, torí dígí máa ń tan èèyàn. Fún ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ní ọ̀sẹ̀ 12, ti orí ètè ti ṣí kúrò, etí àwọn ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti fọ́. Kò tán pátápátá, àmọ́ kò pọ̀ sí i mọ́ títí mo fi bímọ. Bí irorẹ́ bá tún wà níbẹ̀, bẹnsọ́ìlì pẹrọ́kísáìdì ìpín 2.5 nínú 100 lórí ibi tó wú nìkan kò ní wàhálà, àfi pé ó máa ń bó aṣọ ìrọ̀rí láwọ̀.

Lẹ́yìn ìbímọ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ohun tó burú jù. Ọmọ ò tíì pé oṣù kan nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan, tó fẹ́ràn mi dénú, gbé ìpara kan wá nínú ike tí kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni àmì yóò fi ṣí. Ìpara tó ń ṣiṣẹ́ yá tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mẹ́kúrì tàbí sítẹ́rọ́ìdì líle ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Mẹ́kúrì máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ nígbà oyún, ó ń gba inú omi ọmú, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àti ìrọ̀rí tí ọmọ ń sùn lé. Kíndìnrín àti ọpọlọ ló máa ń bà jẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mi ò sì ṣí ike náà.

Nígbà ọmú, ohun tó kàn ọ́ jù ni ibi tí ẹnu àti awọ ọmọ ń kàn. Orí àyà mi ni tèmi máa ń sùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Nítorí náà, mo ń jẹ́ kí ọmọ sùn lóru kí n tó fi àsídì asẹlaíìkì pa ojú, mò ń fọ ọwọ́ mi lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sì jẹ́ kó kan ọrùn sísàlẹ̀. Kò sí ìpara ìtọ́jú àmì tó gbọ́dọ̀ dé orí ọmú tàbí àyíká rẹ̀. Bí orí ọmú bá là, lanólìnì mímọ́ ni kí o lò, má ṣe lo ìpara epo bíi fasilínì, torí ọmọ yóò lá a. Haidirokuinóónì àti tirẹtinóìnì ṣì ń bẹ nínú dúrọ́ọ̀ títí ìgbà yẹn.

Àmì mi ń ṣá fúnra rẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù. Ti ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń ṣí tó ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ, ti àwọn míràn á kù díẹ̀. Nígbà tí mo já ọmọ lẹ́nu ọmú, èyí tó ṣẹ́ kù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Dókítà kọ haidirokuinóónì fún mi fún oṣù mẹ́ta péré, ó sì ní kí n dá a dúró lọ́jọ́ tí oṣù kẹta bá pé. Ìpara adènà oòrùn aláwọ̀ yẹn ni mi ò tíì fi sílẹ̀ títí dòní.